Etí ọmọ mi tí wọ́n lu ihò kejì sí ń wú: ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e?

Ìyá Tósìn (Kàbà)

Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣe ohun tí n ó kábàámọ̀.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 lọ lu ihò kejì sí etí rẹ̀ méjèèjì nínú oṣù kìíní ọdún yìí, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ìbọn lu etí lọ́jà. Yẹtí ni mo rí kí n tó mọ̀. Etí ọ̀tún jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ti òsì ṣọyún, a fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́ títí ó fi gbẹ, mo rò pé ó ti parí. Nínú oṣù karùn-ún ni nǹkan kan yọ lẹ́yìn etí òsì yẹn, kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. A ti wọ oṣù kẹwàá báyìí, ó ti tó ẹ̀pà oníhóró méjì tí a kò tíì bó. Ó ń dán, ó le bí egungun àwẹ́kẹ́ ẹran. Lóru ló máa ń yún un jù, mo ti ká a mọ́ ibi tó ti ń fi ìdí òòyà họ ọ́ lójú oorun.

Bàbá oníkẹ́míìsì kan nítòsí wa ní òun á fi abẹ fá a kúrò láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí n mú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà wá. Ó sọ ọ́ bí ẹni fẹ́ gé èékánná. Ọkọ mi ní ká dúró ná. Tósìn fúnra rẹ̀ fẹ́ kó kúrò kí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé ní Kérésì. Ṣé kí n gbà?

Tẹ́lọ̀ Mọ̀pà

Ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ má jẹ́ kó ká yín lára, òrí ni oògùn rẹ̀. Ní 2021, ọ̀kadà dà wá nù lọ́nà Ìsánlú, sàláńsà gbígbóná jó mi ní ojúgun. Nígbà tí ó jinná, àpá náà wú, ó pọ́n, ó ń yún mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í lè wọ ṣòkòtò tó fún. Òrí ni ìyá mi ní kí n máa fi pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká. Nígbà tó fi máa tó ọdún kan, ó ti wálẹ̀ pẹlẹbẹ. Kò sí àpá tí òrí kò lè rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kàn án.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Ìyá Tósìn, ẹ kú ìnáwó ìgbéyàwó tó ń bọ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Ìparí ọ̀rọ̀ Tẹ́lọ̀ tọ̀nà, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí bàbá yẹn fi abẹ kàn án. Ṣùgbọ́n àpá ojúgun Tẹ́lọ̀ àti nǹkan etí Tósìn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Bí ara bá gbọgbẹ́, ó máa ń rán àwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀ láti hun okùn tí wọn ó fi pa ojú ọgbẹ́ dé. Bí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kí wọ́n kó irin iṣẹ́ wọn lọ sílé. Nígbà míì wọ́n á ṣàṣejù, wọ́n á hun ún nípọn, àpá á wú. Ṣùgbọ́n orí ojú ọgbẹ́ náà ni wọ́n ń to ẹrù wọn sí, wọn kò kọjá ààlà. Irú àpá bẹ́ẹ̀ máa ń yọjú láàárín oṣù kan sí méjì, ó lè máa ga títí dé bí oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Tẹ́lọ̀ nìyẹn. Títẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ ràn án lọ́wọ́, òrí sì jẹ́ kí awọ má gbẹ, ṣùgbọ́n àpá náà ti ń padà sílé tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní kílọ́ìdì. Òun dà bí àgbẹ̀ tó ń fa pèrègún ààlà tu, tó ń lọ gbìn ín sínú oko ẹlòmíì. Ara tí ọgbẹ́ kò kàn rí ló ń gbà. Ó lè dúró oṣù mẹ́ta, ó lè dúró ọdún kan lẹ́yìn tí egbò ti jinná kó tó bẹ̀rẹ̀, bó bá sì bẹ̀rẹ̀, kì í sábà padà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: báwo ni ihò yẹtí ṣe tóbi tó? Kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ohun tó wá jókòó síbẹ̀ tó ẹ̀pà oníhóró méjì. Ó ti kọjá ààlà tipẹ́.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ kí wọ́n fá a nìyí. Ihò abẹ́rẹ́ ló bí èyí tí ẹ ń wò. Ojú abẹ máa gùn ju ihò abẹ́rẹ́ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ "ó tó" sì ṣì wà nínú awọ yẹn. Bí wọ́n bá gé kílọ́ìdì lásán láìfi nǹkan míì tì í, nínú èèyàn méjì, ó kéré tán bí ẹnì kan ló máa ń padà sí lára, tiwọn sì máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó tín-ínrín bí ìdí olú ni, àbí ó tẹ́ rẹrẹ mọ́ etí? Ṣé ó ṣì ń pọ̀ sí i? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ní irú rẹ̀?

Ìyá Ìbejì (Ìsánlú)

Ọlọ́run ló rán yín, nọ́ọ̀sì. Èmi náà ti ń wá ẹni tí n ó bi. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba àwọn ìbejì mi, ó pé oṣù márùn-ún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ojú ibi tí wọ́n rán nísàlẹ̀ ikùn ti wú bí okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́, ó ń yún mi bí mo bá ti làágùn. Ìyá ọkọ mi ní torí pé mo tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi ni. Ṣé kílọ́ìdì ni? Àwọn ọmọ ṣì ń mu ọmú, ṣé mo lè gba abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń gún sí i?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n a lè wò ó níbí.

Ẹ wá ọ̀rá búrẹ́dì tó mọ́, èyí tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àpá náà, kí ẹ fi báírò fa ìlà yí etí rẹ̀ ká gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i. Bí ẹ bá ṣì rí àmì ibi tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ ara wọlé tó ti jáde, ẹ to tó-tò-tó sí ibẹ̀ náà. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ fi pamọ́ sínú Bíbélì tàbí ibi tí àwọn ọmọ kò ní fà á ya. Bí oṣù kan bá pé, ẹ fi ọ̀rá míì ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ wá to méjèèjì lé ara wọn lórí níwájú iná. Ojú máa ń tan èèyàn torí pé ojoojúmọ́ la ń wo ara wa, ọ̀rá kì í tan èèyàn. Bí ìlà tuntun bá dúró lórí ti àtijọ́ tàbí tó bọ́ sínú rẹ̀, ẹ fara balẹ̀. Bí ó bá ń jáde kúrò nínú rẹ̀, tó kọjá àwọn tó-tò-tó ibi tí wọ́n rán, ẹ má dúró di oṣù kẹta kí ẹ tó lọ rí dókítà.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín, ẹ má bínú sí wọn. Omi pípọn kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ibi tí awọ ti máa ń fà ni àpá ti máa ń nípọn lóòótọ́. Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ nílé ni bébà sílíkónì, ó rọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ awọ. Ojú awọ tó ti pa dé pátápátá nìkan ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Kó wà níbẹ̀ fún bíi wákàtí méjìlá lóòjọ́, ó kéré tán, fún oṣù mẹ́ta sókè. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọ òun àti awọ yín lójoojúmọ́, torí òógùn tó bá há sábẹ́ rẹ̀ máa ń mú èéyún wá. Abẹ́rẹ́ kò tíì kàn yín. Bó bá wá kàn yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú kó tó fa oògùn sínú síríǹjì.

Bàbá Ìyàrà

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìbéèrè kan wà tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá tó bí mi, ọmọ Yàgbà ni, ó kọlà tó pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. N kò rí ọ̀kan nínú wọn tí ilà rẹ̀ wú bí ẹ̀pà. Ọ̀bẹ olóólà kan náà ni wọ́n fi kọ fún gbogbo wọn, wọn kò fi ọtí fọ̀ ọ́, wọn kò mọ abẹ́rẹ́ kankan. Ṣé awọ àwọn ará ayé àtijọ́ ló dáa ni, àbí oúnjẹ tí ẹ ń jẹ ló bà yín jẹ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Bàbá, ẹ ṣeun, ìbéèrè ńlá ni. Ìkókó ni wọ́n sábà máa ń kọlà fún, awọ ìkókó kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe kílọ́ìdì. Ìgbà tí ọmọ bá ń bàlágà títí dé bí ọgbọ̀n ọdún ló máa ń yọ jù. Lọ́nà kejì, àárín ojú kì í sábà ṣe é. Ibi tó fẹ́ràn ni etí, àyà, èjìká, òkè ẹ̀yìn àti ibi àgbọ̀n tí àwọn ọkùnrin ti ń fá irùngbọ̀n. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín: àwọn tí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí láyà nígbà tí wọ́n ti di géńdé, ṣé gbogbo tiwọn ló jinná pẹlẹbẹ?

Bàbá Ìyàrà

O bá mi níbẹ̀. Àbúrò bàbá mi kan wà, wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i láyà nígbà tí ó fẹ́ lọ sógun Bìáfíràà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ́rẹ́ yẹn ló wú. Bó bá bọ́ aṣọ, bí ẹni pé wọ́n to ìgbín sí i láyà. A máa ń sọ pé oògùn ló lágbára jù.

Ìyá Tósìn (Kàbà)

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín ti rán mi létí nǹkan. Ìyá ọkọ mi tó ti dolóògbé ní nǹkan kan láàárín àyà, ó fẹ̀ lápá ọ̀tún, ó fẹ̀ lápá òsì. Omi ẹ̀kọ gbígbóná ló ta sí wọn níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ni wọ́n máa ń sọ. Mo bi ọkọ mi lálẹ́ àná bóyá ẹ̀kọ náà dà sí gbogbo àyà wọn. Ó ní rárá, ó ní ìyá òun sọ pé ibi tí ó ta sí kò ju owó ẹyọ kan lọ. Ó wá dákẹ́.

Ìdí ti Tósìn tín-ínrín díẹ̀, mo lè fi ìka méjì mú un. Ó ṣì ń pọ̀ sí i.

Ọmọ Lọ́kọ́ja

Ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ tó gbé ọmọ lọ síbì kankan, torí mo ti gba ọ̀nà méjèèjì.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo lu etí ọ̀tún mi, ọ̀ràn àwọn ọ̀dọ́. Ó wú tó ẹyọ àgbàdo. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, wọ́n gé e, wọ́n rán an, wọ́n fún mi ní kápúsù, wọ́n ní ó tán. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń yangàn kiri. Nínú oṣù karùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi lójú ibi tí wọ́n rán. Kó tó pé ọdún méjì, ó ti tó ìdajì ẹyin adìyẹ. Fìlà ni mo fi ń bò ó wọ kíláàsì.

Ìgbà kejì, dókítà iṣẹ́ abẹ tó ń tún ara ṣe ni mo lọ bá ní Ìlọrin. Kò gé e lọ́jọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní triamsinólónì ló kọ́kọ́ gún sí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe rí, torí wọn kì í sọ fúnni. Síríǹjì náà kéré gan-an, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tín-ínrín, ó sì po oògùn tó ń mú ara kú tipiri díẹ̀ mọ́ ọn. Inú ara líle náà gan-an ló kì í bọ̀, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, oògùn kò fẹ́ wọlé, bí ẹni tó fẹ́ fi abẹ́rẹ́ rọ omi sínú ìdí bàtà. Ó fi àtàǹpàkò tì í títí ojú kílọ́ìdì náà fi funfun. Ó dùn mí, n kò ní parọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mo padà lọ, ó wọlé díẹ̀ sí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọlé wọ̀ọ́. Dókítà ní ó ti rọ̀ nìyẹn.

Èéyún ló kọ́kọ́ lọ, kó tó kéré rárá. Bí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ kan tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà ṣùgbọ́n tí ọmọ yín ń sùn dáadáa lóru, ó ti ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìkẹta ló wá gé e. Kò kàn gé e bí ẹni gé ilá. Ó bó awọ òkè rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni bó ọsàn, ó yọ ohun líle inú rẹ̀, ó sì fi awọ yẹn gan-an pa ojú rẹ̀ dé kí ó má baà fà. Ó gún oògùn díẹ̀ sí etí ọgbẹ́. Ó fi ohun tó yọ ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, ó ní òun kì í ju ẹran tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀ nù, torí nǹkan míì wà, tó fi mọ́ oríṣi jẹjẹrẹ kan tí kò wọ́pọ̀, tó máa ń fara jọ kílọ́ìdì. Ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n yọ okùn. Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́ lóṣooṣù fún oṣù márùn-ún, àti yẹtí ìtẹ̀.

Yẹtí ìtẹ̀ yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Rọ́bà pẹlẹbẹ méjì ni, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ìdè kékeré kan so wọ́n pọ̀ tí èèyàn lè fún tàbí kó tú. Mo ń wọ̀ ọ́ sùn, mo ń wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ dín ní wákàtí méjìlá lóòjọ́. Bí etí bá funfun tàbí tó kú tipiri, ó ti fún jù, ẹ tú u díẹ̀. Nínú oṣù kẹrin, àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo bọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ kan, mo ń fọwọ́ pa etí, mo fọwọ́ kan nǹkan kan bí ẹyọ ìrẹsì lábẹ́ awọ. Òtútù mú mi. Mo sáré padà lọ, abẹ́rẹ́ méjì ló fi pa á. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí, kò padà wá. Awọ ibẹ̀ funfun bí ẹni tó bóra fún nǹkan bí ọdún kan kó tó dúdú padà.

Tí ìdí ti Tósìn bá tín-ínrín, èrò tèmi ni pé kí wọ́n gé e kíá kó tó gbilẹ̀, kí wọ́n wá fi abẹ́rẹ́ àti yẹtí ìtẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Ọmọ Lọ́kọ́ja, o ṣeun, o ti gbà mí lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ibi tí a kò ti pàdé ni ìparí yẹn. Ti Tósìn ṣì kéré, kò tíì pé ọdún kan. Èmi á kọ́kọ́ gbìyànjú abẹ́rẹ́ nìkan, mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà láàárín wọn. Bí kò bá gbọ́, a ò tíì pàdánù nǹkan kan, ara rẹ̀ ti rọ̀ fún ẹni tó máa gé e. Mo ti rí dókítà tó gbà pẹ̀lú rẹ, mo sì ti rí èyí tó gbà pẹ̀lú mi. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni kó pinnu.

Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò ní jiyàn lé: ẹ má ra oògùn náà fún oníkẹ́míìsì kó gún un. Bó bá bọ́ sábẹ́ kílọ́ìdì dípò inú rẹ̀, ọ̀rá abẹ́ awọ ló máa jẹ. Mo ti tọ́jú ọmọbìnrin kan tí èjìká rẹ̀ jìn kòtò tó gba odidi ìka, kílọ́ìdì náà sì ṣì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò. Oògùn yẹn tún lè da nǹkan oṣù rú fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí Tósìn mọ̀ ṣáájú kí ẹ̀rù má baà bà á. Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà.

Olùkọ́ (Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀)

Ọ̀rọ̀ pèrègún yẹn dùn mọ́ mi. Ṣé ẹ mọ̀ pé dókítà Faransé kan, Alibert, ló sọ àrùn náà lórúkọ tó ń jẹ́ lónìí, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn? Inú èdè Gíríìkì ló ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọwọ́ akàn, torí bí ó ṣe ń na ọwọ́ kiri lórí awọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ìtànṣán ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Àbújá sọ fún mi pé wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ pa á láìgé e rárá. Ṣé kí Ìyá Tósìn má kàn gbé e lọ síbẹ̀ tààrà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Olùkọ́, ẹ̀gbọ́n yín dé etí odò, kò débi tí omi wà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e ni wọ́n sábà ń lo ìtànṣán, kì í ṣe dípò kí wọ́n gé e. Ó sì ní àsìkò: láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí àwọn òṣìṣẹ́ ahunkùn yẹn tó gbéra. Bó bá pẹ́ jù, agbára rẹ̀ ń dín kù. Ó máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún èyí tó ti padà wá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní Àbújá, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Èkó. Ṣùgbọ́n ìtànṣán kì í ṣe omi mímu, wọ́n máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lò ó fún ọmọdé, torí ewu jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú, bó tilẹ̀ kéré. Ọmọ ọdún 17 tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, kò tíì débẹ̀.

Olùkọ́ (Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀)

Mo gbà. N ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní gbà.

Tẹ́lọ̀ Mọ̀pà

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì, ṣé wọn kò lè máa fi òrí pa á títí ọjọ́ tí wọn yóò fi rí dókítà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Wọ́n lè fi pa á, Tẹ́lọ̀. Kò ní ṣe é ní nǹkan kan, kò sì ní lé e lọ. Ohun tí n kò fẹ́ ni omi bátìrì, oje kaṣú àti àwọn nǹkan jíjó tí àwọn kan ń ta. Iná ni wọ́n ń dá sára, ọgbẹ́ tuntun ni.

Ìyá Tósìn (Kàbà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo kọ́kọ́ kọ̀wé síbí.

A gba Ọbájànà lọ sí Lọ́kọ́ja, a rí dókítà awọ. Ó gbé róòlà kékeré kan sí i: sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀ ní gígùn. Ó béèrè ìbéèrè mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì wa béèrè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní abẹ́rẹ́ ni a ó kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, bí ó bá di lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò gbọ́, ó máa kọ̀wé sí Ìlọrin fún iṣẹ́ abẹ. Tósìn sunkún ní àkọ́kọ́. Gẹ́gẹ́ bí Ọmọ Lọ́kọ́ja ṣe wí, oògùn kò fẹ́ wọlé, ó funfun báláú. Ìkejì ti bọ́ sára rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwọ̀n rẹ̀ kò tíì yí padà lójú mi, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ìró òòyà lóru láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti fi ọ̀rá búrẹ́dì fa ìlà rẹ̀, ó wà lára fíríìjì.

Kò ní lọ tán kí Kérésì tó dé, ó ti mọ̀. Ó ní òun á so gèlè bò ó.

Ìbéèrè méjì ló kù mí. Ihò kejì tó wà ní etí ọ̀tún dákẹ́ jẹ́ẹ́ títí di ìsinsìnyí. Ṣé kó yọ yẹtí kó jẹ́ kó dí, àbí kó fi sílẹ̀? Dókítà wa ní kó fi sílẹ̀, kó máa wò ó. Ọmọ àbúrò ọkọ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ obìnrin, wọ́n ń bi mí bóyá kí wọ́n lu etí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Ọmọ tuntun yẹn, bí wọn ó bá lù ú rárá, kí wọ́n lù ú nígbà tó ṣì kéré, kò gbọ́dọ̀ di ìgbà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá. Ìgbà ìbàlágà ni ewu rẹ̀ ń pọ̀, pàápàá nínú ìdílé tí ìyá àgbà ti ní i. Abẹ́rẹ́ tó mọ́ ni kí wọ́n lò, ihò kan péré, ní ibi rírọ̀ nísàlẹ̀ etí. Kí wọ́n má ṣe é níbi egungun etí láé. Bí wọn kò bá lù ú, yẹtí tí wọ́n ń fún mọ́ etí láìlu ihò wà lọ́jà.

Ti etí ọ̀tún, èmi á ní kó yọ ọ́. Dókítà rí i lójúkorojú, èmi kò rí i. Ẹ tẹ̀ lé tirẹ̀, ṣùgbọ́n kó máa fọwọ́ pa ibẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí ẹni ń wá òkúta nínú ẹ̀wà.

Ìyá Ìbejì (Ìsánlú)

Ẹ má gbàgbé mi. Mo ti fa ìlà lórí ọ̀rá méjì, mo tò wọ́n lé ara wọn níwájú iná. Gbogbo ibi tó kù dúró sójú kan náà, ó tiẹ̀ fara bọ́ sínú díẹ̀ lápá òsì. Àmọ́ ní ìparí ọ̀tún, ìlà tuntun yọ síta ní ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan. Mo tún un yà lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ọwọ́ mi ló gbọ̀n, ibẹ̀ náà ló ń yọ sí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ẹ̀gbẹ̀)

Ó lè jẹ́ ọwọ́, ó lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ẹ má dúró de ọ̀rá kẹta. Ẹ mú méjèèjì dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé àwọn ìbejì lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí dókítà fi wọ́n lé ojú àpá náà gan-an.